Eyín tírówẹ̀lì ló ń sọ iye àpò: ìṣirò gọ́ọ̀mù táìlì àti gíráòtì fún yàrá kan

Yàrá tí iṣẹ́ yìí dá lé lórí gùn ní mítà 4.8, ó sì fẹ̀ ní mítà 3.6. Tí a bá sọ wọ́n di púpọ̀, ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 17.28 mítà onígun mẹ́rin. Kọnkéré ni ilẹ̀ náà, ó ti gbó, kò sì lómi nínú mọ́. Táìlì tí wọ́n yàn fún un jẹ́ 600 sí 600 mìlímítà, ó nípọn ní 10 mìlímítà, àlàfo tí a ó fi sílẹ̀ láàárín wọn sì jẹ́ 3 mìlímítà. Ibi ìwẹ̀ kékeré kan so mọ́ yàrá náà, mítà 1.2 sí 0.9, mósáíìkì wẹẹrẹ ni wọ́n sì fẹ́ tẹ́ síbẹ̀. Ẹyọ mósáíìkì kọ̀ọ̀kan jẹ́ 25 sí 25 mìlímítà, ó nípọn ní 5, àlàfo rẹ̀ jẹ́ 2.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ni ilé. Ó ti ka ara àpò gọ́ọ̀mù kó tó pè mí, ó sì ti ṣe ìṣirò tirẹ̀. Ó ní, "Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kílò 4 ni mítà onígun mẹ́rin kan ń gbà. Àpò mẹ́rin oníkílò 20 á tó wa, àbí kò ní tó?"

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo tírówẹ̀lì tí a máa lò."

Ìṣirò ẹ̀gbọ́n mi kò burú: 17.28 lọ́nà 4 jẹ́ kílò 69, àpò mẹ́rin sì jẹ́ kílò 80. Ohun tí ara àpò kò lè mọ̀ ni irú eyín tí tírówẹ̀lì wa ní, bí ọwọ́ wa ṣe máa ń dá a sí nígbà tí a bá ń fà á, bí ẹ̀yìn táìlì ṣe rí, àti bí ilẹ̀ ṣe tẹ́jú tó. Kílò 4 yẹn lè tọ́ fún táìlì kékeré lórí ilẹ̀ tó dán bíi dígí. Fún táìlì ńlá báyìí, kò sún mọ́ ọn rárá.

Ohun tí tírówẹ̀lì eléyín ń fi sílẹ̀

Tí a bá fa tírówẹ̀lì eléyín kọjá lórí gọ́ọ̀mù, ohun tó ń kù lẹ́yìn rẹ̀ dà bí ebè àti poro oko. Inú èjí, ìyẹn àlàfo tó wà láàárín eyín kan àti èkejì, ni ebè ti ń jáde. Ibi tí eyín gbà kọjá ló ń di poro, kò sì sí gọ́ọ̀mù níbẹ̀ tàbí kó jẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ bí awọ. Nígbà tí a bá wá gbé táìlì lé e tí a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ebè á wó sínú poro, gbogbo rẹ̀ á sì di ọ̀kan.

Tírówẹ̀lì tí mo yàn jẹ́ oní-10: èjí rẹ̀ fẹ̀ ní 10 mìlímítà, ó jìn ní 10, eyín rẹ̀ náà sì fẹ̀ ní 10. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé tírówẹ̀lì oní-10 ń fi gọ́ọ̀mù tó nípọn ní 10 mìlímítà sílẹ̀ lábẹ́ táìlì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdajì ilẹ̀ ni ebè gbà, ìdajì yòókù jẹ́ poro, nítorí náà bí ebè bá wó tán, ìdajì gíga rẹ̀ ló máa kù. Ebè náà gan-an kì í ga tó 10, torí pé kò sẹ́ni tó ń dá tírówẹ̀lì dúró ṣánṣán nígbà tó bá ń fà á. Gbogbo wa la máa ń dà á dùbúlẹ̀ díẹ̀. Tí a bá dà á sí ìgun 60 dígírì, ebè á ga tó 8.7. Tí a bá dà á sí 45, kò ní ju 7.1 lọ.

Bí mo ṣe máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ nìyí:

```
nípọn (mm) = èjí / (èjí + eyín) × jíjìn × sin(ìgun)

ìgun 60:  10 / (10 + 10) × 10 × 0.866 = 4.3
ìgun 45:  10 / (10 + 10) × 10 × 0.707 = 3.5
```

Ìrọ̀rùn tó wà nínú ìṣirò yìí ni pé gọ́ọ̀mù tó nípọn ní mìlímítà 1 lórí mítà onígun mẹ́rin kan jẹ́ lítà 1 gẹ́lẹ́. Nítorí náà 4.3 yẹn jẹ́ lítà 4.3 gọ́ọ̀mù pípò fún mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Ẹ sì wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìgun méjèèjì: tírówẹ̀lì kan náà, ilẹ̀ kan náà, ọwọ́ tó dà á sílẹ̀ jù á lo nǹkan bí ìdá márùn-ún dín. Ìdí nìyí tí èmi kì í fi í gbà kí èèyàn méjì máa fa gọ́ọ̀mù nínú yàrá kan láìjẹ́ pé wọ́n ti fi ara wé ara wọn. Apá tí ẹnì kan tẹ́ á ga, apá ti ẹnì kejì á relẹ̀, ààlà wọn á sì máa kọ ẹsẹ̀.

Kí n tó fọkàn sí 10 tí wọ́n tẹ̀ sára tírówẹ̀lì, mo fi rúlà kékeré wọn eyín rẹ̀. Kọnkéré máa ń jẹ eyín tírówẹ̀lì bí a bá ń fà á lójoojúmọ́. Eyín tó ti jẹ dé 8 á ṣe ebè tí kò ju 6.9 lọ, lítà 4.3 á sì di nǹkan bí 3.5, láìsí ẹni tó yí ohunkóhun padà. Ẹni tó ń tẹ́ ẹ kò ní mọ̀, àfi ìgbà tó bá gbé táìlì sókè tó rí i pé gọ́ọ̀mù kò kan ẹ̀yìn rẹ̀ délé. Ti wa ṣì jẹ́ 10 pé. Bí ó bá jẹ́ pé ó ti jẹ ni, fáìlì irin ni èèyàn á fi gbẹ́ èjí náà jìn padà.

Láti lítà sí kílò

Àpò la ń rà, a kì í ra lítà. A ní láti mọ iye gọ́ọ̀mù gbígbẹ tó wà nínú lítà gọ́ọ̀mù pípò kan. Ọ̀nà tó dá mi lójú jù ni kí n wọ̀n ọ́n. Lára àpò tí a ń lò, kílò 20 gọ́ọ̀mù ń gba lítà 5 omi. Mo po ìdá mẹ́rin àpò kan, mo jẹ́ kó sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún, mo tún un rò, mo wá kún ike onílítà kan dé ẹnu. Mo ń gbá ìdí ike náà mọ́lẹ̀ bí mo ṣe ń kún un kí atẹ́gùn má bàa há sínú rẹ̀. Nígbà tí mo yọ ìwọ̀n ike kúrò, ó kù kílò 1.5.

Nínú kílò 25 gọ́ọ̀mù pípò, 20 ló jẹ́ gbígbẹ, ìyẹn ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún. Nítorí náà kílò 1.5 pípò jẹ́ kílò 1.2 gbígbẹ. Iye yìí kan náà lẹ máa bá pàdé lára ọ̀pọ̀ gọ́ọ̀mù onísìmẹ́ńtì: nǹkan bíi kílò 1.2 fún mìlímítà kan lórí mítà onígun mẹ́rin kan. Àwọn kan wà tó fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ohun fífẹ́lẹ́ tí wọ́n pò mọ́ wọn, ìdí sì nìyẹn tí mo fi ń wọ̀n ọ́n dípò kí n fi orí sọ ọ́.

Lítà 4.3 lọ́nà 1.2 wá jẹ́ kílò 5.2 fún mítà onígun mẹ́rin. A ti kọjá kílò 4 ara àpò báyìí, a kò sì tíì dé ẹ̀yìn táìlì.

Ẹ má ṣe fi omi kún un kó lè rọrùn láti fà. Ebè tí omi pọ̀ nínú rẹ̀ kì í dúró. Á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ lulẹ̀ kí táìlì tó dé orí rẹ̀, etí rẹ̀ á yí róbótó dípò kó gún, lẹ́yìn náà á gbẹ, á sì fún pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ebè bá dúró tí etí rẹ̀ mú, tí ó sì ń tàn díẹ̀ lójú, pípò rẹ̀ dára.

Ẹ̀yìn táìlì àti ilẹ̀ tí kò tẹ́jú

Táìlì 600 kì í tẹ́jú pátápátá. Mo gbé rúlà irin lé ojú ọ̀kan lára wọn láti igun dé igun. Àárín rẹ̀ ga díẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí etí ìwé ìkọ̀wé mélòó kan lè wọ abẹ́ rúlà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Èyí kò jẹ́ àbùkù, bí wọ́n ṣe máa ń jáde látinú iná ìléru nìyẹn. Ohun tó túmọ̀ sí fún iṣẹ́ wa ni pé tí a bá fa gọ́ọ̀mù sílẹ̀ nìkan, etí táìlì á kan ebè dáadáa, àárín rẹ̀ á gbé sókè. Yàtọ̀ sí èyí, ẹ̀yìn táìlì ní àwọn ilà kéékèèké tó yọ jáde, àárín àwọn ilà yẹn sì ní láti kún.

Nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ tírówẹ̀lì tí kò léyín ni mo fi ń rẹ́ ẹ̀yìn táìlì kọ̀ọ̀kan. Mo máa ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn kó wọ inú àwọn ilà náà, lẹ́yìn náà mo á há a kó má ṣe nípọn. Ohun tó ń kù níbẹ̀ kò pọ̀ tó mìlímítà 1. Mo ṣírò kílò 1 fún mítà onígun mẹ́rin kan fún un.

Ti ilẹ̀ ló kù. A gbé igi rúlà oní-mítà 2 káàkiri yàrá náà. Ibi púpọ̀ jù lọ kò ju mìlímítà 2 sí 3 lọ lábẹ́ rúlà, èyí tí gọ́ọ̀mù lè gbé láìsí wàhálà. Igun kan nìkan ló rì: mìlímítà 6 ní àárín rẹ̀, ó sì fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin méjì. Ibi tó bá rì bí àwo báyìí, tó ń jìn díẹ̀díẹ̀ wọ àárín, ìdajì jíjìn tó pọ̀ jù ni ìpíndọ́gba rẹ̀. Ìyẹn jẹ́ mìlímítà 3 lórí mítà onígun mẹ́rin 2, lítà 6, kílò 7 gọ́ọ̀mù gbígbẹ àti díẹ̀ lé.

Èèyàn lè sọ pé kí a kàn fi gọ́ọ̀mù kún un. N kò gbà á láyè. Gọ́ọ̀mù tó bá nípọn ní ibì kan tó fẹ́lẹ́ ní ibòmíràn máa ń sún kì bó ṣe ń gbẹ, ibi tó nípọn á sì sún kì jù, táìlì tí a fi sí ìpele dáadáa ní ìrọ̀lẹ́ á ti rì ní etí kan nígbà tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́. A da èròjà ìtẹ́jú ilẹ̀ sí igun náà lọ́tọ̀, a jẹ́ kó gbẹ, ìṣirò gọ́ọ̀mù sì padà di ti ilẹ̀ tó tẹ́jú. Iye kílò tí a fi dín kò tó nǹkan. Ohun tí a rí gbà níbẹ̀ ni pé gbogbo táìlì jókòó lórí gọ́ọ̀mù tí nípọn rẹ̀ dọ́gba.

Iye àpò

Ìṣirò yàrá wá rí báyìí:

```
fífà sílẹ̀:        5.2 kg/m²
ẹ̀yìn táìlì:        1.0 kg/m²
àpapọ̀:            6.2 kg/m² × 17.28 m² = 107.1 kg
```

Fún ibi ìwẹ̀, a kò lè lo tírówẹ̀lì oní-10. Mósáíìkì yẹn nípọn ní 5, gọ́ọ̀mù tó nípọn ní 4.3 lábẹ́ rẹ̀ á gba gbogbo àlàfo rú jáde, kò sì ní sí àyè fún gíráòtì tí a fi ń dí àlàfo náà. Tírówẹ̀lì oní-4 la lò níbẹ̀: 2 lọ́nà 0.866 jẹ́ lítà 1.7, kílò 2.1 fún mítà onígun mẹ́rin. Ilẹ̀ ibi ìwẹ̀ jẹ́ 1.08 mítà onígun mẹ́rin, nítorí náà kílò 2.3 ti tó. A kì í rẹ́ ẹ̀yìn mósáíìkì.

Àpapọ̀ di 109.4. Mo fi ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún kún un fún èyí tó ń lẹ̀ mọ́ korobá, èyí tó ń gbẹ kó tó dé ilẹ̀, àti èyí tí a ń yọ kúrò nínú àlàfo. Ó di kílò 117. Àpò mẹ́fà ni, kì í ṣe mẹ́rin. Nígbà tí mo fi han ẹ̀gbọ́n mi, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé ṣé a kò lè fi gọ́ọ̀mù sí i ní ìsù márùn-ún, ọ̀kan ní àárín, mẹ́rin ní igun, kó lè dín kù. Mo ní, "Rárá o, ẹ̀gbọ́n mi. Abẹ́ táìlì á ṣófo, nǹkan tó bá wúwo bá já lé e láàárín ìsù méjì, ó ti là nìyẹn." Ìsù náà kì í sì í dín gọ́ọ̀mù kù bí wọ́n ṣe rò, torí pé ó máa ń nípọn gan-an níbi tó bá wà.

Táìlì mẹ́rin àkọ́kọ́

Ìṣirò orí ìwé lè fi ìdá márùn-ún yẹ̀, torí ìgun ọwọ́ àti ẹ̀yìn táìlì. Nítorí náà, kí a tó ra àpò tó kù, a fi táìlì mẹ́rin àkọ́kọ́ dán an wò. Táìlì mẹ́rin jẹ́ 1.44 mítà onígun mẹ́rin. Mo wọn korobá gọ́ọ̀mù kí a tó bẹ̀rẹ̀, mo tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tí a tẹ́ ẹ̀kẹrin, pẹ̀lú èyí tó kù lára tírówẹ̀lì tí mo há padà sínú rẹ̀. Kílò 11.3 gọ́ọ̀mù pípò ló ti wọlẹ̀.

```
11.3 × 0.8  = 9.04 kg gbígbẹ
9.04 / 1.44 = 6.3 kg/m²
```

Ó súnmọ́ 6.2 tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi yí ìṣirò àpò padà. Bí ó bá jáde ní 5 ni, mi ò ní yọ̀ pé a ti dín owó kù. Tírówẹ̀lì ni mo máa kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà ìgun ọwọ́, torí ó túmọ̀ sí pé ebè wa relẹ̀.

Ìwọ̀n nìkan kò sì tó. Kí gọ́ọ̀mù tó mú, mo fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ gbé táìlì kejì sókè mo yí i lójú dé. Gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ ló ti rọ̀ mọ́ gọ́ọ̀mù, àfi ojú ibì kan bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé ní ẹ̀gbẹ́ kan, níbi tí ilà ebè mẹ́ta ṣì dúró tí orí wọn tẹ́jú ṣùgbọ́n tí wọn kò wó sínú poro. Fún yàrá tó gbẹ, ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó kéré jù tí gọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ fi kan ẹ̀yìn táìlì. Níbi omi àti níta, ìdá 95 ni. A ti kọjá 90 níbi tí a wà yìí.

Ìdí tí ebè mẹ́ta yẹn kò fi wó hàn kedere lójú: ọwọ́ yí díẹ̀ ní ibẹ̀ nígbà tí a ń fà á, ebè sì tẹ̀ bí ọrun. Ebè tó bá gún tí gbogbo wọn sì kọjú sí ibì kan náà ń jẹ́ kí atẹ́gùn rí ọ̀nà gba inú poro jáde. Èyí tó bá yí ká ń há atẹ́gùn mọ́ inú, táìlì á sì jókòó lórí atẹ́gùn yẹn bí èèyàn ṣe wù kó tẹ̀ ẹ́ tó. Ẹni tó bá rí irú èyí máa ń rò pé gọ́ọ̀mù kò tó, á sì lọ mú tírówẹ̀lì tó tóbi sí i. Kílò tó ń lò á pọ̀ sí i, ojú òfìfo kò sì ní kúrò. Fífà rẹ̀ gún, kí a sì gbé táìlì lé e kí a wá fi í lọ fi í bọ̀ ní ìdábùú ebè díẹ̀díẹ̀, ni oògùn rẹ̀.

Ohun kejì tí mo máa ń wò lẹ́yìn táìlì tí mo bá gbé ni bóyá gọ́ọ̀mù rọ̀ mọ́ ọn gidi tàbí ó kàn tẹ̀ ẹ́ lásán. Gọ́ọ̀mù tí a ti fà tí ó sì ti pẹ́ jù máa ń sín awọ lójú. Tí a bá fi ìka kàn án tí kò bá lẹ̀ mọ́ ìka, ó ti kọjá àkókò rẹ̀, ẹ há a dànù. Fún ọ̀pọ̀ gọ́ọ̀mù onísìmẹ́ńtì, 20 ìṣẹ́jú ni àyè tó wà, ó sì máa ń kúrú níbi tí oòrùn tàbí atẹ́gùn bá ti ń fẹ́. Nítorí náà, ibi tí táìlì méjì máa gbà nìkan ni mo máa ń fà lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà tí a parí, àpò márùn-ún ti tán pátápátá. Nínú ẹ̀kẹfà, kílò 6 dín díẹ̀ ló kù, lẹ́yìn tí ibi ìwẹ̀ náà ti gba tirẹ̀.

Gíráòtì: táìlì ńlá ń jẹ díẹ̀, mósáíìkì ń jẹ púpọ̀

Ìṣirò gíráòtì kò ní ọwọ́ nínú bíi ti gọ́ọ̀mù, torí pé àlàfo kì í yí ìgun padà. Ohun tó yẹ ká mọ̀ ni gígùn àlàfo tó wà nínú mítà onígun mẹ́rin kan. Táìlì kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin, ṣùgbọ́n òun àti aládùúgbò rẹ̀ ló jọ ni àlàfo kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ méjì péré ló jẹ́ tirẹ̀: gígùn kan, ìbú kan. Tí a bá pín ìyẹn fún ojú táìlì, gígùn àlàfo jáde. A ó wá fi fífẹ̀ àlàfo àti jíjìn rẹ̀, tí í ṣe nípọn táìlì, sọ ọ́ di púpọ̀, ká tún fi ìwọ̀n gíráòtì sọ ọ́ di púpọ̀. Gíráòtì onísìmẹ́ńtì sábà máa ń jẹ́ nǹkan bíi kílò 1.6 fún lítà kan.

```
kg/m² = (gígùn + ìbú) / (gígùn × ìbú) × nípọn × àlàfo × 1.6
        (gbogbo ìwọ̀n ní mm)

yàrá:     (600 + 600) / (600 × 600) × 10 × 3 × 1.6 = 0.16
mósáíìkì: (25 + 25) / (25 × 25) × 5 × 2 × 1.6      = 1.28
```

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí nọ́ńbà méjèèjì yìí. Mósáíìkì tẹ́ẹ́rẹ́ ju táìlì ńlá lọ ní ìlọ́po méjì, àlàfo rẹ̀ náà sì kéré jù, síbẹ̀ ó ń gba gíráòtì ní ìlọ́po mẹ́jọ. Gígùn àlàfo ló fà á. Mítà onígun mẹ́rin kan táìlì 600 ní àlàfo tó gùn tó mítà 3.3. Ti mósáíìkì gùn tó mítà 80. Nítorí náà, yàrá 17.28 mítà onígun mẹ́rin ń gba kílò 2.8, ibi ìwẹ̀ tí kò ju 1.08 lọ ń gba kílò 1.4. Ẹni tó bá fi ojú wo ilẹ̀ nìkan ra gíráòtì á rò pé ibi ìwẹ̀ kò ní í jẹ ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ.

Fọ́múlà yìí ń sọ àsọlé díẹ̀ fún mósáíìkì, torí ó gbàgbé pé àlàfo náà gba àyè lórí ilẹ̀. Tí a bá kà á mọ́ ọn, ẹyọ kan àti àlàfo rẹ̀ jẹ́ 27 mìlímítà, kì í ṣe 25, kílò 1.28 á sì di 1.14. Fún táìlì 600, ìyàtọ̀ náà kò tó ohun tí a ń wò. Mo mọ̀ pé fọ́múlà kejì ló péye jù, síbẹ̀ ti àkọ́kọ́ ni mo fi ń ra ọjà fún mósáíìkì. Ojú mósáíìkì ní àlàfo tó pọ̀ débi pé kànrìnkàn ń gbé gíráòtì púpọ̀ lọ nígbà tí a bá ń nù ún, ohun tí fọ́múlà kejì yọ kúrò ni fífọ̀ máa ń gbà padà.

Àlàfo ní í ṣe pẹ̀lú iye kílò ní tààrà. Ẹ̀gbọ́n mi ti bi mí bóyá àlàfo 5 kò ní dára jù. Ó máa gbé kílò 2.8 yàrá lọ sí 4.6, ọ̀rá kan kò sì ní tó gbogbo rẹ̀ mọ́. Wọ́n fara mọ́ 3. Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan níbí: wọ́n lè kọ 600 sára páálí táìlì kí táìlì fúnra rẹ̀ jẹ́ 598. Bí ẹnì kan bá wá fi ìwọ̀n 603 ṣe ilà sílẹ̀ tó sì ń tẹ̀lé ilà yẹn dípò sípésà tí a ń fi sáàárín táìlì, àlàfo rẹ̀ á di 5 láìmọ̀. Mo wọn táìlì mẹ́ta látinú páálí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí n tó fọwọ́ sí 3.

Jíjìn náà ṣe pàtàkì. Fọ́múlà gbà pé àlàfo ṣófo dé ilẹ̀ táìlì, ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù máa ń rú wọ inú rẹ̀. A ní láti yọ ọ́ nígbà tó ṣì tutù, kí ó kéré tán ìdá méjì nínú mẹ́ta jíjìn náà wà fún gíráòtì. Mo fi igi pẹlẹbẹ kan tí mo sàmì 7 mìlímítà sí lẹ́nu rìn gbogbo àlàfo yàrá náà. Ibi tí àmì náà kò bá ti wọlẹ̀, a fi ọ̀bẹ gbẹ́ ibẹ̀. Gíráòtì tó fẹ́lẹ́ lórí gọ́ọ̀mù máa ń ní àwọ̀ ọ̀tọ̀, á dúdú ní ibì kan, á funfun ní ibòmíràn, etí rẹ̀ á sì máa ṣí wẹẹrẹ wẹẹrẹ. Etí ògiri yíká ni a kò fi gíráòtì sí rárá. Silikónì ló wọ ibẹ̀, kí ilẹ̀ lè ráyè fẹ̀ kó sì sún.

Kílò 2.8 àti 1.4 jẹ́ 4.2. Mo fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kún un, ó di 4.6, ọ̀rá oníkílò 5 kan sì gbà á. Ó dùn mọ́ mi pé ọ̀rá kan ló gbà gbogbo rẹ̀, torí ọ̀rá méjì tí kò jáde lọ́jọ́ kan náà nílé iṣẹ́ lè ní àwọ̀ tó yàtọ̀ díẹ̀ síra wọn, bí orúkọ àwọ̀ náà tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan. Mo ń wọn gíráòtì àti omi rẹ̀ fún pípò kọ̀ọ̀kan dípò kí n máa fi ojú wọ̀n ọ́n, torí omi tó bá pọ̀ jù máa ń mú kí àwọ̀ rẹ̀ ṣá.

Lẹ́yìn iṣẹ́, mo wọn ohun tó kù nínú ọ̀rá: kílò 1 àti díẹ̀. Yàrá ti gba 2.5 nínú 2.8 tí mo ṣírò fún un, nítorí gọ́ọ̀mù tó kù nísàlẹ̀ àlàfo. Ibi ìwẹ̀ gba kílò 1.5, tó ju ohun tí fọ́múlà méjèèjì sọ lọ, kànrìnkàn ló sì gbé ìyókù lọ. Mo kọ 6.3 fún gọ́ọ̀mù àti nọ́ńbà méjì yìí sẹ́yìn tírówẹ̀lì pẹ̀lú ìwọ̀n táìlì àti àlàfo wọn. Kílò gíráòtì tó kù, mo dì í pa mọ́ ike tó lẹ́nu fún ẹ̀gbọ́n mi, bí wọ́n bá nílò àtúnṣe nínú àwọ̀ kan náà.